Láptọ́ọ̀pù àlòkù kọ̀ láti tàn, ìdánwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì sì di ọ̀la (Kétu)

Títílọlá Kétu, 20:47
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láptọ́ọ̀pù àlòkù tí mo rà lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Dẹ́ẹ̀lì Látítúùdù 5480, kọ̀ láti tàn láti aago méje. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, fáànù á yí díẹ̀, ojú rẹ̀ á dúdú, iná kékeré kan á sì máa ṣẹ́jú. Ọ̀la ni ìdánwò tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa gba owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ máṣítà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, wákàtí méjì, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, wọn ò gba fóònù. Ẹ̀bá Àkàbà Ìdénà ni mo wà, gbogbo oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ti ṣọ́ọ̀bù. Kí ni mo lè ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́?

Ìdòwú Ṣábẹ̀ẹ́, 20:53
Yọ ṣájà kúrò, kí o tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, kí o tó dá ṣájà padà. Iná tó há sínú rẹ̀ á ṣàn jáde. Tí kò bá jí lẹ́yìn ìyẹn, ojú rẹ̀ ló kú. So ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú wáyà HDMI, wàá rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Bàbá Wáyà, Àjàṣẹ́, 21:01
Títílọlá, kú alẹ́ o. Ohun tí Ìdòwú kọ́kọ́ sọ dára, ṣe é, kò gba àkókò. Ti tẹlifíṣọ̀n yẹn ni kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́. Tí ojú nìkan ló bá kú, ẹ̀rọ á tan dé ìparí, wàá gbọ́ ohùn Wíńdò, iná kò sì ní máa ṣẹ́jú. Iná tó ń ṣẹ́jú túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà dúró lójú ọ̀nà kí ó tó dé ibi tó ti ń gbé àwòrán jáde rárá, nítorí náà kò ní rí nǹkan kan fún tẹlifíṣọ̀n náà.

Iná yẹn ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Àwọ̀ méjì ni: àwọ̀ ọsàn àti funfun. Tẹ bọ́tìnnì, dúró títí yóò fi ṣẹ́jú dáadáa, kí o wá kà á. Ẹ̀ẹ̀melòó ló ṣẹ́jú ní àwọ̀ ọsàn, ẹ̀ẹ̀melòó ní funfun, kí ó tó sinmi kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀? Kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó kọ ọ́ síbí. Má fi ìṣẹ́jú ẹ̀rọ iléeṣẹ́ mìíràn tí o rí níbì kan túmọ̀ tìrẹ. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní èdè tirẹ̀.

Títílọlá Kétu, 21:08
Ẹ ṣé, bàbá. Mo ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n Ìdòwú ṣe wí, kò jí. Mo ka iná náà lẹ́ẹ̀mẹta: àwọ̀ ọsàn lẹ́ẹ̀mejì, funfun lẹ́ẹ̀mẹta, ó sinmi, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò yí padà.

Kọ́lá Ìpóbẹ̀, 21:10
Tèmi náà ń ṣẹ́jú àwọ̀ ọsàn, àmọ́ ìgbà tí mo bá fi ṣájà mìíràn sí i ni. Wọ́n ní ṣájà náà ni kò bá a mu. Yá ṣájà ẹlòmíràn wò.

Bàbá Wáyà, Àjàṣẹ́, 21:22
Kọ́lá, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Tìrẹ ń tàn, ṣájà ni ẹ̀rọ kò dá mọ̀. Ti Títílọlá kò tàn.

Títílọlá, méjì àti mẹ́ta lórí Látítúùdù ìran yìí túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ wá ràámù, pátákó kékeré tó fi ń rántí iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, kò rí i. Kò sọ pé ràámù ti kú. Ìyẹn ní iye ìṣẹ́jú tirẹ̀, méjì àti mẹ́rin. Àìrí ló sọ. Nínú ẹ̀rọ àlòkù, ohun tó sì máa ń fa àìrí jù ni pé eyín ràámù kò fara kan ihò rẹ̀ dáadáa mọ́: eruku wọ̀ ọ́, tàbí eyín rẹ̀ ti ṣú, tàbí ó ti yẹ̀ díẹ̀ nítorí gbígbé kiri lórí ọ̀kadà. Ohun tí o lè ṣe fúnra rẹ lálẹ́ yìí ni. Wá skrudiráfà kékeré tí orí rẹ̀ dà bí àgbélébùú, rọ́bà funfun tí a fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́, àti káàdì fóònù àtijọ́ kan. Tábìlì igi ni kí o lò, má ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí kápẹ́ẹ̀tì.

Pa ẹ̀rọ náà, yọ ṣájà. Dojú rẹ̀ dé, kí o tú skrúù ìdérí abẹ́. Wọn kì í jáde tán, inú ìdérí ni wọ́n máa ń dúró sí, nítorí náà má fi agbára fà wọ́n. Fi etí káàdì yẹn wọ àlàfo ìdérí láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí ojú ti ń ṣí, máa rìn yípo díẹ̀díẹ̀, wàá máa gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́. Má ti káàdì wọlé jìnnà, wáyà wà lábẹ́ ibẹ̀.

Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, yọ wáyà bátìrì ńlá kúrò lára màdábọ́ọ̀dù. Orí wáyà náà ni kí o dì mú, má fa wáyà fúnra rẹ̀. Ṣájà tí o yọ kò tó, bátìrì ṣì ń fún ihò ràámù níná. Tí o bá yọ ràámù nígbà tí iná wà níbẹ̀, ohun tí kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ lè bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, fọwọ́ kan irin fèrèsé tàbí irin ilẹ̀kùn kí iná ara rẹ bọ́ sílẹ̀.

Ihò ràámù méjì ló wà níbẹ̀. Fi èékánná ya ìkọ́ méjì tó di ràámù mú sí ẹ̀gbẹ́, ràámù á gbérí fúnra rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀. Fà á jáde pẹ̀lú ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ni kí o fọwọ́ mú, má fọwọ́ kan eyín wúrà rẹ̀. Gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ, fi rọ́bà nu eyín náà nínà kan, láti inú lọ sí etí, ní ojú méjèèjì, títí yóò fi dán. Fẹ́ ìdọ̀tí rọ́bà kúrò pátápátá, torí tí ó bá kó sínú ihò, ìṣòro tuntun nìyẹn. Àwa ń dúró.

Ìdòwú Ṣábẹ̀ẹ́, 21:27
Tí kò bá sí rọ́bà, sódábì ń ṣiṣẹ́. Ọtí ni wọ́n fi ń fọ eyín ẹ̀rọ, ọtí sì ni sódábì.

Àdùnní Sákétẹ́, 21:31
Ẹ̀gbọ́n, ọtí ni òótọ́, àmọ́ omi inú sódábì pọ̀, àwọn nǹkan mìíràn láti ara ẹmu sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n máa ń gbẹ mọ́ ibi tí a bá fi í sí. Omi yẹn lè wọ abẹ́ ihò, ó lè má gbẹ dáàárọ̀. Èyí tó wúlò ni ọtí olójú 90 tí wọ́n ń tà nílé ìtajà oògùn. Olójú 70 tí a fi ń fọ egbò ṣì ní omi púpọ̀. Tí ti 90 bá wà nílé, fi owú díẹ̀ kàn án, nu eyín ràámù, kí o dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí kò bá sí, rọ́bà nìkan ti tó. Má da ohunkóhun sínú ihò fúnra rẹ̀.

Títílọlá Kétu, 22:02
Mo ti ṣí i. Ràámù méjì ni mo bá níbẹ̀, wọn ò dọ́gba: ọ̀kan 8GB, ọ̀kan 4GB. Mo ti fi rọ́bà nù wọ́n, eyín ti 4GB ṣú gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣé kí n dá méjèèjì padà?

Bàbá Wáyà, Àjàṣẹ́, 22:06
Rárá. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí o kọ́kọ́ dá padà, torí tí o bá dá méjèèjì padà tí kò tàn, o kò ní mọ èyí tó ń ṣe é. 8GB ni kí o mú. Ihò tó sún mọ́ ọ ni ká pè ní ihò kìíní, èkejì ni ihò kejì. Wo géńgé inú eyín ràámù, kò sí láàárín gbùngbùn, nítorí náà ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa gbà wọlé. Tì í wọlé ní ìdagẹ̀rẹ̀ títí eyín wúrà náà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́, kí o wá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ìkọ́ méjèèjì yóò fi ké. Ìkọ́ kan ṣoṣo tó bá ké kò tó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn: ràámù á jókòó bí ẹni pé ó ti wọlé, ẹ̀gbẹ́ kan á sì yọ bí etí pépà.

So wáyà bátìrì padà, fi ìdérí lé e láìtíì dè é, tan án. Lẹ́yìn tí a bá yí ràámù padà, ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ wo ràámù tuntun náà fínní-fínní. Ojú lè dúdú fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, ó tiẹ̀ lè pa ara rẹ̀ kí ó tún tàn. Má tẹ bọ́tìnnì pa á láàárín ìgbà yẹn. Tí iná bá ṣẹ́jú, ka iye rẹ̀. Tí kò bá ṣẹ́jú, ní sùúrù.

Tí ihò kìíní bá kọ̀, gbìyànjú ihò kejì. Tí ó bá ń gbà ní ihò kan tí kò gbà ní èkejì, dán 4GB náà wò ní ihò méjèèjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìdánwò mẹ́rin, kọ èsì rẹ̀ sórí ìwé. Ìgbàkígbà tí o bá fẹ́ yọ ràámù, wáyà bátìrì ló kọ́kọ́ ń kúrò.

Títílọlá Kétu, 22:41
Ó TÀN! Èsì rẹ̀ nìyí. 8GB ní ihò kìíní: ó tàn lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan. 8GB ní ihò kejì: ọsàn méjì, funfun mẹ́ta. 4GB ní ihò kìíní: ó tàn. 4GB ní ihò kejì: ọsàn méjì, funfun mẹ́ta. Mo ti dá 8GB padà sí ihò kìíní, mo fi ihò kejì sílẹ̀ lófo, mo ti dè é.

Bàbá Wáyà, Àjàṣẹ́, 22:45
O ṣe é bí akọ oníṣẹ́. Ràámù méjèèjì yè, ihò kejì ni kò dáa. 8GB nìkan tó fún ìdánwò tó ń lo kámẹ́rà àti Chrome, má fi ohunkóhun sínú ihò kejì lálẹ́ yìí.

Kọ́lá Ìpóbẹ̀, 22:49
Bàbá, ohun kan ò yé mi. Tí ihò kejì bá bàjẹ́ tí ihò kìíní sì dára, kí ló dé tí ẹ̀rọ náà kò fi tan pẹ̀lú èyí tó wà ní ihò kìíní nígbà tí méjèèjì ṣì wà níbẹ̀? Ó yẹ kó rí ọ̀kan ó kéré tán.

Bàbá Wáyà, Àjàṣẹ́, 22:54
Ìbéèrè gidi ni. Ràámù kọ̀ọ̀kan ní ṣíìpù kékeré kan tó máa ń sọ fún ẹ̀rọ pé “báyìí ni mo ṣe tóbi, báyìí ni mo ṣe yá.” Ojú wáyà kan náà ni ti ihò méjèèjì máa ń gbà sọ̀rọ̀. Tí ìdọ̀tí bá so eyín méjì pọ̀ ní ihò kejì, ariwo rẹ̀ lè bo ohùn ti ihò kìíní mọ́lẹ̀. Ohun tí mo fura sí nìyẹn. Ó sì tún ṣeé ṣe kí ti ihò kìíní fúnra rẹ̀ má jókòó dáadáa tẹ́lẹ̀, kí nínù rẹ̀ sì ti tún un ṣe. Láti Àjàṣẹ́ níbí, n kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Títílọlá Kétu, 23:03
Ẹ jọ̀ọ́, wàhálà mìíràn dé. Nígbà tó tàn, ó kọ́kọ́ sọ pé `Time-of-day not set`, mo tẹ F1, ó kọjá. Wíńdò ṣí. Àmọ́ ojú-ewé ìdánwò náà kọ̀ láti ṣí, gúgù náà kọ̀. Chrome kọ `NET::ERR_CERT_DATE_INVALID`. Íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ìdòwú Ṣábẹ̀ẹ́, 23:06
Ìyẹn kì í ṣe nǹkan. Tẹ `Paramètres avancés` nísàlẹ̀ ibẹ̀, kí o yan pé kó máa lọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Wáyà, Àjàṣẹ́, 23:13
Má ṣe é, Ìdòwú. Ojú-ewé mìíràn lè gbà á, àmọ́ ojú-ewé tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé àti kámẹ́rà kì í sábà gbà á, bí ó bá sì gbà á, á já sílẹ̀ láàárín ìdánwò. Ìdí ni kí a wò.

Títílọlá, wo ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ rẹ, lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ti padà sí ọdún àtijọ́, àbí? Ìwé ẹ̀rí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Tí ẹ̀rọ rẹ bá gbàgbọ́ pé ọdún 2017 la wà, lójú tirẹ̀ ìwé ẹ̀rí náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun tó fà á ni pé bátìrì kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ, CR2032, ó rí rìbìtì bí owó irin. Òun ló ń gbé aago ró nígbà tí kò sí iná kankan. Nínú ẹ̀rọ àlòkù, ó ti sábà máa ń kú. O kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ torí pé bátìrì ńlá ló ń gbé aago náà ró dípò rẹ̀. Nígbà tí o yọ wáyà bátìrì ńlá, aago ò ní ẹni tó máa gbé e mọ́. Nítorí náà o kò ba nǹkan kan jẹ́, má bẹ̀rù. O kò sì nílò bátìrì tuntun lálẹ́ yìí, kí o ṣáà má yọ bátìrì ńlá mọ́.

Fọwọ́ ṣètò ọjọ́ àti wákàtí ná. Lọ sí `Paramètres`, `Heure et langue`, `Date et heure`. Pa `Régler l'heure automatiquement`, tẹ `Modifier`, kí o fi ọjọ́ òní àti wákàtí tó wà lórí fóònù rẹ síbẹ̀. Fífi ọwọ́ ṣètò ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí tí ìyàtọ̀ bá ju wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, Wíńdò kì í gbà kí íńtánẹ́ẹ̀tì yí aago padà. Á rò pé ẹni tó ń sọ aago fún òun ló ṣì í.

Àdùnní Sákétẹ́, 23:17
Bàbá, ó ku ohun kan. Ẹ̀rọ tó ti Yúróòpù wá ni, ó lè jẹ́ pé agbègbè aago tibẹ̀ ló ṣì wà nínú rẹ̀. Títílọlá, ṣètò agbègbè kí o tó fọwọ́ kan wákàtí. Tẹ `cmd` sínú ibi ìwákiri, fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, yan `Exécuter en tant qu'administrateur`, kí o kọ èyí:

```
tzutil /s "W. Central Africa Standard Time"
```

Lẹ́yìn náà fi ọwọ́ ṣètò ọjọ́ bí bàbá ṣe wí, tan `Régler l'heure automatiquement` padà, kí o wá kọ èyí kí ìṣẹ́jú rẹ̀ lè bá ti íńtánẹ́ẹ̀tì mu:

```
net start w32time
w32tm /resync
```

Tí ìlà àkọ́kọ́ bá ní iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, má dá a lóhùn, máa lọ sí èkejì.

Títílọlá Kétu, 23:29
Ojú-ewé ìdánwò ti ṣí! Mo ṣe ìdánrawò kámẹ́rà àti gbohùngbohùn tí wọ́n fi síbẹ̀, méjèèjì kọjá. Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n Àdùnní, `Paris` ni mo bá níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbègbè aago. Mo fẹ́ lọ sùn, kí n jí ní aago mẹ́jọ.

Àdùnní Sákétẹ́, 23:31
Má tíì sùn. Aago mẹ́sàn-án ti ibo ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà wọn? Ka ìlà náà fún wa bó ṣe wà.

Títílọlá Kétu, 23:33
“9 h 00 (heure de Paris).”

Ìdòwú Ṣábẹ̀ẹ́, 23:34
Kò sí ìyàtọ̀. Aago kan náà ni àwa àti Paris ń lò.

Àdùnní Sákétẹ́, 23:38
Ní ìgbà òtútù wọn ni ìyẹn, láti ìparí oṣù kẹwàá sí ìparí oṣù kẹta. Wọ́n máa ń sún aago tiwọn síwájú ní wákàtí kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwa kì í sún tiwa. Oṣù kẹfà la wà yìí. Tí ó bá jẹ́ aago mẹ́sàn-án ní Paris, aago mẹ́jọ ni ní Kétu. Jí ní aago mẹ́fà, kí o wọlé sí ojú-ewé náà ní aago méje ààbọ̀.

Ìdòwú Ṣábẹ̀ẹ́, 23:40
Àṣìṣe mi ni. Ó ṣeun tí o tún un ṣe, àǹtí.

Títílọlá Kétu, 23:41
Olúwa ṣeun! Aago mẹ́jọ ni mo fẹ́ jí o.

Bàbá Wáyà, Àjàṣẹ́, 23:45
Ìbéèrè kan ló kù kí o tó sùn. Àkókò òjò nìyí, tí iná bá lọ láàárọ̀, ṣé bátìrì rẹ lè gbé wákàtí méjì? Má wo ìdá ọgọ́rùn-ún tó ń hàn nísàlẹ̀, ìyẹn kò sọ bí bátìrì ṣe gbó tó. Kọ èyí nínú `cmd`, á sọ ibi tó gbé fáìlì sí, ṣí i, kí o wá nọ́ńbà `DESIGN CAPACITY` àti `FULL CHARGE CAPACITY`:

```
powercfg /batteryreport
```

Títílọlá Kétu, 23:52
`DESIGN CAPACITY` jẹ́ 51,000 mWh. `FULL CHARGE CAPACITY` jẹ́ 20,400 mWh.

Bàbá Wáyà, Àjàṣẹ́, 00:01
Ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ló kù nínú rẹ̀. Tí ojú bá tàn gidi, tí kámẹ́rà sì ń ṣiṣẹ́, irú ẹ̀rọ yìí lè máa jẹ bíi wáàtì 12. Pín 20.4 sí 12, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 42 ni. Kò dé òpin ìdánwò. Tí o bá lè mú un wá sí bíi wáàtì 9, ó di wákàtí méjì àti bí ìṣẹ́jú 16. Ìyẹn gbà ọ́, àmọ́ àyè rẹ̀ há.

Ohun tó ń dín in kù jù ni ìmọ́lẹ̀ ojú. Mú un wá sí ìdá ọgbọ̀n, kí o jókòó síwájú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bọ́ sí ọ lójú, kámẹ́rà á lè rí ọ dáadáa. Má fi láptọ́ọ̀pù gba iná sí fóònù tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún ọ, fóònù á fa wáàtì mélòó kan lára rẹ̀. Fi fóònù sórí ṣájà báyìí kí ó kún. Lẹ́yìn náà, sọ fún Wíńdò pé íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń lò jẹ́ `Connexion limitée`, kí o sì tẹ `Suspendre les mises à jour`. Ẹ̀rọ tí aago rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún fò láti ọdún 2017 á rò pé ó pẹ́ tí òun ti ṣe àtúnṣe kẹ́yìn, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kó fáìlì wọlé láàárín ìdánwò.

Má pa ẹ̀rọ náà tán lálẹ́ yìí. Fi sórí ṣájà, pa ojú rẹ̀ dé, kí ó sùn. Aago rẹ̀ á dúró bó ṣe wà.

Kọ́lá Ìpóbẹ̀, 00:05
Ó sàn kó pa á tán, bàbá. Tí ó bá sùn lórí ṣájà, á gbóná.

Bàbá Wáyà, Àjàṣẹ́, 00:08
Tí ó bá wà lórí tábìlì, tí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò dí, kò ní gbóná. Ohun tí mò ń sá fún ni pé a ti yí ràámù padà, n kò fẹ́ kí ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀ láìsí ẹnikẹ́ni tó jí láti dá a lóhùn. Àmọ́ tí ó bá fẹ́ pa á, kí ó pa á, kí ó sì tan án ní aago mẹ́fà.

Títílọlá Kétu, 10:27
Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀, bàbá. Mo fi sùn bí ẹ ṣe wí, ó jí wẹ́rẹ́. Mo wọlé ní 7:31, ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ní 8:00 géé. Iná lọ ní 8:50, kò tíì dé títí di báyìí. Ìdá ọgbọ̀n ni mo fi ìmọ́lẹ̀ ojú sí. Nígbà tí mo fi ìwé ránṣẹ́ ní 9:57, ìdá 47 ló kù nínú bátìrì. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀ àfi ìbéèrè méjì tó kẹ́yìn. Èsì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kí n mú un lọ fún oníṣẹ́ nítorí ihò kejì, àbí kí n kàn fi 8GB lò ó lọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Wáyà, Àjàṣẹ́, 10:40
O kú iṣẹ́ gidi, ọmọ mi. Kí o tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, fi ìmọ́lẹ̀ fóònù wo inú ihò kejì láti ẹ̀gbẹ́. Tí o bá rí eyín kan tó tẹ̀ tàbí tó ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, oníṣẹ́ tó ní awò ìsọ-nǹkan-di-ńlá nìkan ni kó fọwọ́ kàn án. Tí gbogbo wọn bá tò déédéé, búrọ́ọ̀ṣì eyín tuntun tó rọ̀, tí a fi ọtí olójú 90 díẹ̀ kàn, lè tó. Yọ wáyà bátìrì o, kí o sì ra CR2032 tó ní wáyà méjì lára kí o tó ṣí i. Mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kí orí wáyà rẹ̀ lè bára mu.

Kọ́lá Ìpóbẹ̀, 10:52
Tèmi ò tíì gbà pé ihò kejì nìkan ni. Tí o bá ti fọ ọ́ tán, dá méjèèjì padà bí wọ́n ṣe wà lánàá, kí o sọ iye ìṣẹ́jú iná náà fún wa.

Títílọlá Kétu, 10:58
Ọjọ́ Sátidé ni màá ṣí i. Màá ya fọ́tò inú ihò náà síbí kí n tó fọwọ́ kàn án.